Èlé Tí Wọ́n Kéde àti Èlé Tí Owó Ń Rí Gbà

Láàárín oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sí oṣù Keje ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi kún èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èlé náà kúrò ní ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 18.75. Ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé ni pé bí èlé ilẹ̀ kan bá ga, owó àlejò á máa wọlé wá jẹ èlé ọ̀hún, owó ilẹ̀ náà á sì lágbára. Náírà kò lágbára. Nígbà tí ìjọba tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bí 471 náírà kọjá 600 lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tún fi kún un, wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí 22.75, wọ́n sì tún gbé e sí 24.75. Kí oṣù Kẹrin tó dé ìdajì, dọ́là tó ti sún mọ́ 1,600 lọ́jà ìjọba ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 1,100. Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀mẹjọ kò fi lè ṣe ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì ṣe?

Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé èlé tí Báńkì Àpapọ̀ bá kéde kọ́ ló ń gbé owó dìde tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èlé tí ẹni tó yá ìjọba lówó ń gbà sọ́wọ́ ló ń ṣe é, bí a bá fi wé ohun tó ti ń retí, tí a sì fi wé ìgbàgbọ́ tó ní pé òun á rí owó òun gbé jáde. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá tako ìkéde, asán ni ìkéde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olówó Èkó àti Abuja nìkan. Ní Angwan Rogo, ní Jos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Jos, ìrẹsì, mílíìkì, nudùlù àti bátìrì tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò ń gba owó dọ́là wọlé lọ́nà kan tàbí òmíràn. Bí dọ́là bá fò láàárọ̀, alátúntà ti mọ̀ pé ọjà tí òun máa lọ gbé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, bí òun kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀ ètò owó rí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Jos láàárín Hausa, Bẹ̀rọ̀mù àti Igbo. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun kó ọjà jọ tàbí kí òun fi owó sí bọ́ǹdì, ọ̀rọ̀ yìí ló máa bá pàdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí owó orí bọ́ǹdì ṣe ń yí padà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ta bọ́ǹdì tuntun méjì ní gbàǹjo, ọ̀kan fún ọdún méje ní èlé 18.5, èkejì fún ọdún mẹ́wàá ní èlé 19. Ẹni tó bá ra ti ọdún mẹ́wàá ní 1,000 náírà á máa gba 95 náírà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, títí wọ́n á fi dá 1,000 rẹ̀ padà ní ọdún 2034. 95 yẹn kì í yí padà láéláé. Ohun tó ń yí padà ni iye tí ẹlòmíràn máa san lónìí láti gba ipò ẹni tó ni í. Ká ní èlé tí ọjà ń béèrè lórí irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ sí 16, kò sí ẹni tó máa ta 95 yẹn ní 1,000 mọ́, torí pé ó sàn ju ohun tí bọ́ǹdì tuntun máa san lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko, owó rẹ̀ á tó nǹkan bí 1,147. Ká ní èlé ọjà gòkè sí 22, bọ́ǹdì kan náà kò ní ju 881 lọ. Ìjọba kò kùnà láti san owó rẹ̀, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú èlé rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ tà kó tó pé ọdún mẹ́wàá ti pàdánù nǹkan bí 119 náírà lórí 1,000. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé bí èlé bá gòkè, bọ́ǹdì á wálẹ̀. Bí àkókò tó kù bá ṣe gùn tó ni ìjábọ́ náà ṣe ń pọ̀ tó, nítorí ẹ̀ẹ̀melòó kan ni ẹni náà ṣì máa gba 95 tí kò tó nǹkan mọ́ lójú ọjà.

Tírẹ́súrì bíìlì yàtọ̀ díẹ̀. Kì í san èlé láàárín ọdún. Wọ́n ń yọ èlé rẹ̀ kúrò níwájú, ẹni tó rà á á san owó tó dín, á sì gba odindi nígbà tó bá pé. Ní gbàǹjo ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, èlé bíìlì ọdún kan dúró sí 19. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ gba 1,000 lọ́dún tó ń bọ̀ san nǹkan bí 810 lọ́jọ́ náà. 190 tó jẹ́ èrè, orí 810 ló ti jẹ ẹ́, kì í ṣe orí 1,000. Nítorí náà èrè rẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bí 23.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń fi 19 wé èlé báńkì tàbí ti ilẹ̀ òkèèrè láìṣe ìṣirò yìí ti fojú kéré ohun tí Nàìjíríà ń san.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ tó já sí asán. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ètò owó gbé èlé ìpìlẹ̀ sí 17.5. Ní gbàǹjo tó wáyé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, bíìlì ọdún kan kò san tó 5. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ti kọjá 21 nígbà náà. Báńkì Àpapọ̀ ń sọ pé owó wọ́n ní Nàìjíríà, ìjọba sì ń yá a ní owó pọ́ọ́kú. Èlé ìpìlẹ̀ ìgbà náà dà bí iye tí ọlọ́jà kọ sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀, tí kò sì sí oníbàárà kankan tó rà á níye bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á kì í ṣe àdììtú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé tí kì í ṣe báńkì, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, àti àwọn èèyàn lásán má ṣe ra ìwé ìyáwó tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà mọ́. Báńkì àti àlejò láti òkè òkun nìkan ló kù síbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tó pọ̀ rẹpẹtẹ kò ríbòmíràn gbà ju bíìlì àti bọ́ǹdì ìjọba lọ, òfin kò sì gbà á kó máa rìn káàkiri wá èrè níbi tó bá wù ú. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi ààlà sí owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan lè fi pamọ́ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ kó sì gba èlé lórí rẹ̀, bílíọ̀nù 2 náírà péré. Èyí tó bá lé, lófo ló jókòó. Báńkì tó ní owó lọ́wọ́ yóò gba 5 tàbí 2 lórí bíìlì ju kó gba òfo lọ. Lẹ́yìn èyí ni owó tí Báńkì Àpapọ̀ ń yá ìjọba ní tààràtà, tó pọ̀ débi pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i kí wọ́n sọ tírílíọ̀nù 22.7 nínú rẹ̀ di gbèsè ogójì ọdún ní èlé 9. Owó tuntun bẹ́ẹ̀ ń wọ ọjà, ó ń wá ibi tó máa sùn sí, ó sì ń ti èlé bíìlì sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mú kí ọwọ́ ọ̀tún máa fi kún èlé, kí ọwọ́ òsì sì máa yọ ọ́.

Ojú tí ẹni tó ní dọ́là fi ń wo èyí rọrùn láti mọ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń gbé èlé tirẹ̀ láti òdo lóṣù Kẹta ọdún 2022 dé 5.25 sí 5.50 ní oṣù Keje ọdún 2023, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi dọ́là tó ń jẹ 5 nílé ṣe ní Nàìjíríà tó ń san 5 lórí owó tó ń já? Wọ́n tilẹ̀ ti gbọ́n látijọ́. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ JP Morgan yọ Nàìjíríà kúrò nínú àkójọ bọ́ǹdì àwọn ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà tí ó ń tẹ̀ jáde, nítorí pé àwọn tó ra bọ́ǹdì wa kò rí dọ́là rà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Ẹni tó ń fi owó tẹ̀lé àkójọ yẹn gbọ́dọ̀ tà. Ẹ̀kọ́ tí ọjà kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ìlẹ̀kùn àbájáde ṣe pàtàkì ju èlé lọ.

Ohun tó yí padà lọ́dún 2024 ni pé èlé tòótọ́ ló kọ́kọ́ gbéra, kí ìkéde tó tẹ̀lé e. Ọláyẹmí Cardoso ti di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan kọjá láìsí ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò owó kankan, náírà sì ń wọlẹ̀ lọ. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tẹ̀léra. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, bíìlì ọdún kan ṣì wà nísàlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, wọ́n gbé bíìlì tó tó tírílíọ̀nù kan wá sí gbàǹjo, èlé sì fò dé 19. Ní ọjọ́ 15, wọ́n gbé iye ọ̀wọ́ngógó oṣù Kìn-ín-ní jáde, ó jẹ́ 29.9. Ní ọjọ́ 19 ni gbàǹjo bọ́ǹdì tí mo sọ lókè wáyé. Ọjọ́ 27 ni ìgbìmọ̀ tó pàdé, tí wọ́n gbé èlé ìpìlẹ̀ sókè ní ìdá 4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì sọ pé nínú 100 náírà tí oníbàárà bá fi sí báńkì, 45 ni báńkì gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, dípò 32.5 ti tẹ́lẹ̀. Ààlà bílíọ̀nù 2 yẹn ti kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ìkéde dé, ó bá èlé tòótọ́ níbi tó ti ń dúró dè é. Bí ọjọ́ 27 ṣe wá di ọjọ́ tí gbogbo ayé ń rántí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi ọjọ́ 7 ni nǹkan yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí àlejò kan rí lọ́sẹ̀ náà. Ó ní 1,000 dọ́là. Ó ṣẹ́ ẹ ní 1,500, ó di 1,500,000 náírà. Bó bá ra bíìlì ọdún kan tí èrè rẹ̀ gan-an jẹ́ 23, á ní 1,845,000 lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá fi dọ́là rẹ̀ sílé ní Amẹ́ríkà ní èlé 5, á ní 1,050 dọ́là. Pín 1,845,000 sí 1,050, ó jẹ́ nǹkan bí 1,757. Iye yẹn ni ó ń ṣọ́. Bí dọ́là kò bá kọjá 1,757 lọ́dún tó ń bọ̀, ó jèrè. Bí ó bá kọjá, ìbá kúkú jókòó sílé. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀wọ́ngógó 29.9 nínú ìṣirò yìí rárá. Kì í ra gàrí ní Jos, kì í sì í san owó ilé ní Angwan Rogo. Ẹni tó ń fi owó náírà pamọ́ níbí ló ń pàdánù nígbà tí èrè 23 bá pàdé ọ̀wọ́ngógó 29.9. Nítorí náà nọ́ńbà kan náà ń bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń sọ fún ará ilé pé owó rẹ̀ ń yọ́. Fún àlejò, àmì ni nípa ohun tí Báńkì Àpapọ̀ máa ṣe lọ́la: bí ó bá gbà pé báńkì náà á fi èlé dá a lóhùn, á wọlé, bí ó bá rò pé wọ́n á dákẹ́, á mú ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Èyí ló fà á tí ọ̀wọ́ngógó tó burú fi ń gbé dọ́là Amẹ́ríkà sókè lọ́jà, nítorí pé wọ́n gbà pé báńkì àpapọ̀ wọn á dáhùn, nígbà tí irú ìròyìn kan náà ti máa ń rẹ náírà sílẹ̀ láyé ẹ̀ẹ̀mẹjọ yẹn.

Ẹni tó wọlé ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 kò kábàámọ̀, torí pé dọ́là ṣì wà ní nǹkan bí 1,500 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó gbọ́ ìròyìn pé náírà ń lágbára, tó wá sáré wọlé ní àárín oṣù Kẹrin. Ó ṣẹ́ 1,000 dọ́là ní 1,100, ó rí 1,100,000. Kódà bó bá jèrè 26 lórí bíìlì, 1,386,000 ló ní nígbà tí ọdún kan pé. Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2025, dọ́là wà ní nǹkan bí 1,600. Nígbà tó pín in, 866 dọ́là ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èlé tó gbà ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ó pàdánù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje péré tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ohun tó yàtọ̀ ni iye tí wọ́n fi ṣẹ́ owó, nítorí pé ìdùnnú ọjà ti gbé náírà kọjá ibi tí dọ́là tó ń wọlé lè gbé e dúró sí. Èlé ń fa owó wá, kò lè pinnu pé iye tí wọ́n fi rà á tọ́. Ìgbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2024 dé, náírà ti padà sí ìtòsí 1,500.

Àtakò tó lágbára jù tí èèyàn lè gbé dìde sí àlàyé mi ni pé èlé kọ́ ló ṣe é, pé dọ́là ló pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun ti san gbogbo gbèsè dọ́là tó fìdí múlẹ̀ nínú bílíọ̀nù 7 tí wọ́n jẹ àwọn ilé-iṣẹ́. Wọ́n ń ta dọ́là fún àwọn onísẹ́ńjì. Ìjọba ń lé àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ lórí ẹ̀rọ Binance. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè pín náírà kọ̀ọ̀kan fún ohun tó gbé e. Ṣùgbọ́n sísan gbèsè yẹn gan-an jẹ́ apá kan ohun tí mo ń sọ: òun ni ìlẹ̀kùn àbájáde. Ẹni tó rí i pé wọ́n san owó àwọn tó ti há sílẹ̀ ló lè gbà gbọ́ pé 19 tí wọ́n ń fún òun kì í ṣe ìdẹkùn. Bí wọ́n bá san gbèsè láìgbé èlé tòótọ́ sókè, àwọn tó há á jáde, wọn ò sì ní padà wá. Bí wọ́n bá gbé èlé tòótọ́ sókè láìsan gbèsè, kò ní sẹ́ni tó máa wọlé. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣiṣẹ́, ohun tó sì sọnù nínú ẹ̀ẹ̀mẹjọ ti ìṣáájú ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn.

Àtakò kejì wá láti oko. Wọ́n ní kí ni èlé fẹ́ ṣe fún ànàmọ́ Bókkọ́s àti Mangu? Àwọn agbègbè wọ̀nyí ló ń pèsè ànàmọ́ òyìnbó fún apá tó pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn apànìyàn sì kọlu abúlé wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2023. Kò sí ìpinnu ìgbìmọ̀ kankan ní Abuja tó lè dá àgbẹ̀ padà sí oko rẹ̀, tàbí tó lè dín owó epo ọkọ̀ tó ń kó tòmátì Farin Gada lọ sí Èkó kù. Mo gbà. Nọ́ńbà fúnra wọn jẹ́rìí sí i: bí èlé ìpìlẹ̀ ṣe ń gòkè láti 22.75 dé 27.5 láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ń gòkè láti 31.7 dé 34.6, ó sì parí ọdún náà ní 34.8. Ẹni tó bá ń wo èlé gẹ́gẹ́ bí oògùn owó oúnjẹ yóò sọ pé oògùn náà kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mò ń dáhùn níhìn-ín kì í ṣe bóyá èlé ń wo ọ̀wọ́ngógó sàn. Ọjà owó àti ọjà bọ́ǹdì kò ra náírà torí pé ànàmọ́ máa pọ̀. Wọ́n rà á torí pé wọ́n ń san owó ìdúró fún wọn. Ìwòsàn ọ̀wọ́ngógó, bó bá máa ti ọ̀dọ̀ èlé wá rárá ní irú ilẹ̀ wa yìí, ọ̀nà dọ́là ló ń gbà wọlé: bí dọ́là bá dúró sójú kan, ìrẹsì òkèèrè, àlìkámà àti oògùn kò ní máa fò lójoojúmọ́. Ìyẹn ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn tó yá owó báńkì ní èlé tó ju 30 lọ láti fi ra ọjà ló sì ń san owó rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ló tún fi ipò ìrètí hàn kedere ju ohunkóhun lọ. Ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò ọ̀wọ́ngógó padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ìwọ̀n oúnjẹ nínú agbọ̀n ìṣirò náà kù láti nǹkan bí 52 sí nǹkan bí 40. Nígbà tí nọ́ńbà tuntun jáde lóṣù Kejì, ọ̀wọ́ngógó tó jẹ́ 34.8 lóṣù Kejìlá ti di 24.48 fún oṣù Kìn-ín-ní. Kò sí ọjà kan ní Jos tó fi ìdá 10 wálẹ̀ lóṣù náà. Ìwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì, ìgbìmọ̀ ètò owó pàdé, wọn kò fọwọ́ kan 27.5. Síbẹ̀, bíìlì ọdún kan tó ti kọjá 22 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti wà ní nǹkan bí 18 kí oṣù Kejì tó parí. Ìdá 4 ló sọnù lórí èlé tòótọ́, tí èlé ìkéde kò sì mira. Àwọn tó ń ra bíìlì ti mọ̀ láti oṣù mélòó kan pé ìwọ̀n tuntun ń bọ̀, wọ́n ti rò ó pé Báńkì Àpapọ̀ á rí àyè dín èlé kù lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì ń sáré ra 22 kó tó lọ. Ẹni tó dúró títí di ọjọ́ tí ìròyìn jáde ti pẹ́. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ wá dín èlé kù nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, láti 27.5 sí 27, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọdún 2020, náírà kò já. Ọjà ti jẹ ìròyìn náà tán kó tó dé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé èlé gíga jẹ́ ìròyìn rere nígbà gbogbo. Ghana jẹ́ ẹ̀rí. Ní òpin ọdún 2022, èlé ìpìlẹ̀ wọn ti dé 27, ọ̀wọ́ngógó sì kọjá 54 lóṣù Kejìlá. Ẹni tó bá rí èlé bọ́ǹdì ibẹ̀ nígbà náà lè rò pé èrè ńlá ni, kò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló gbé e dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá náà, ìjọba Ghana dá sísan gbèsè òkèèrè kan dúró, ó sì ní kí àwọn ará ilé tó ni bọ́ǹdì fi í pààrọ̀ òmíràn tí èlé rẹ̀ kéré, tí àkókò rẹ̀ sì gùn. Lẹ́nu ọ̀nà wa mìíràn, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957, báńkì àpapọ̀ wọn ní Dakar sì gbé èlé tirẹ̀ dé 3.5 péré ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Oníṣòwò ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ kì í fi ọjọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣọ́ iye sẹ́fà sí yúrò, torí pé okùn ni wọ́n fi so ó. Náírà ló ń ṣọ́, nítorí náírà ló ń fò sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ní owó díẹ̀ ní Angwan Rogo kò nílò ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti tẹ̀lé nǹkan wọ̀nyí. Ó lè fi 5,000 náírà bẹ̀rẹ̀ bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2017, tó ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kó má fi èlé rẹ̀ wé èlé ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kà nínú ìròyìn, torí pé kò sẹ́ni tó ń san ìyẹn fún un. Kó fi wé èyí tí bíìlì ọdún kan gbà ní gbàǹjo tó kẹ́yìn, kó sì fi wé ọ̀wọ́ngógó, ṣùgbọ́n kó má ṣe yọ nọ́ńbà ọdún 2024 kúrò nínú ti 2025, nítorí ìwọ̀n méjì ni wọ́n. Bí ó bá ṣe pé yóò nílò owó náà kó tó pé, kó rántí 1,147 àti 881. Ohun kan ṣì kù tí alátúntà lè rí fúnra rẹ̀ láìka ìwé ìròyìn kankan, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín dọ́là lọ́jà ìjọba àti dọ́là lọ́wọ́ àwọn onísẹ́ńjì. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, àlàfo yẹn ti ju 200 náírà lọ lórí dọ́là kan. Nígbà tí àlàfo bá gbòòrò bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n há sínú ilé tí wọn kò rí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí èlé tí wọ́n lè kéde ní Abuja lọ́sẹ̀ náà tó máa mú dọ́là tuntun wọlé.